Ọjà Tà Sí I, Èrè Wálẹ̀: Ibo Ni Owó Náà Sá Sí?

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èlùbọ́ iṣu ni mò ń ṣe ní Mọ́níyà, a máa ń dì í sínú àpò kílò márùn-ún márùn-ún, a ó sì tà á ní Bódìjà ní ₦10,000. Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta ọdún yìí, àpò 3,500 la tà, akáúńtáǹtì wa ní a jèrè ₦2,700,000. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, 3,700 la tà, a ò dín owó, ó wá ní èrè wa jẹ́ ₦1,180,000. Ọmọ mi tó ń kọ́ akáúńtì ní Pólì ṣe tirẹ̀, ó ní ₦1,500,000 ni ti àkọ́kọ́, ₦1,900,000 ni ti ìkejì. Mo fi ìwé àwọn méjèèjì sí i. Ta ni kí n gbà gbọ́? Mo ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akáúńtáǹtì yẹn. — Ìyá Elélùbọ́, Mọ́níyà*

Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wa, ẹ má tíì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo jókòó ti ìwé méjèèjì lálẹ́ àná, mo ṣe ìṣirò wọn lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí kọ́bọ̀ kan tó ṣubú nínú èyíkéyìí. Iye àpò tí wọ́n kọ dọ́gba, owó tó wọlé dọ́gba, owó tó jáde náà dọ́gba. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti pínyà. Ẹ ń ná ₦4,000,000 sórí ilé iṣẹ́ yín ní gbogbo oṣù mẹ́ta. Ìgbà wo ló yẹ ká yọ owó yẹn kúrò nínú èrè? Ọmọ yín ní àsìkò tí ẹ ná an gan-an ni. Akáúńtáǹtì yín ní ó di ọjọ́ tí àpò tí a fi owó náà ṣe bá tó kúrò nílé.

Kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, ẹ jẹ́ ká ya àwọn ìnáwó yín sọ́tọ̀, nítorí bí a ò bá yà wọ́n dáadáa níbẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tó kù yóò dàrú. Ìnáwó kan wà tó ń bá iṣẹ́ rìn. Bí ẹ ṣe àpò kan sí i, ó ga sí i. Bí ẹ ò ṣe, kò sí. Iṣu tó ń ti Òkè-Ògùn wá wà níbẹ̀, igi tí ẹ fi ń bọ̀ ọ́, owó àwọn obìnrin tó ń bẹ iṣu tí ẹ ń san fún ní agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, dísẹ́lì ẹ̀rọ ìlọ̀, àti àpò ọ̀rá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦7,500 lórí àpò kan. Ìnáwó kejì dúró síbi tó wà: owó ilé àti ti ibi tí ẹ ń sá iṣu sí, owó oṣù alábòójútó, owó ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lóru, àti iye tí ẹ̀rọ ìlọ̀ ń gbó lọ. Ìyẹn ni ₦4,000,000 tí mo wí. Bí ẹ ṣe àpò kan, bí ẹ ṣe ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ọdẹ yóò gba owó rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni owó títà: ₦500 lórí àpò kan fún ọkọ̀ àti alábàárù dé Bódìjà, àti ₦1,500,000 ní oṣù mẹ́ta fún ṣọ́ọ̀bù àti àwọn ọmọ tó ń tà. Ẹ fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀nà méjèèjì ló ń yọ ọ́ ní àsìkò tí a ná an, kò sì sí èyí tó gbọ́dọ̀ gbé e wọ inú iye ọjà tó wà nílé. Ó ní ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn, ẹ ó rí i níwájú.

Ọ̀nà tí ọmọ yín gbà ni àwa oníṣirò ń pè ní fáríébù. Nínú rẹ̀, ₦7,500 péré ni àpò tó wà ní sítọ́ọ̀ ń jẹ́. Ọ̀nà ti akáúńtáǹtì yín ni àbúsọ́póṣọ̀n. Ó pín ₦4,000,000 sórí gbogbo àpò tí ẹ ṣe ní oṣù mẹ́ta náà, ó wá gbé ìpín kọ̀ọ̀kan ru àpò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ rí i bí alábàárù: àpò kọ̀ọ̀kan ló ń ru díẹ̀ nínú owó ilé, díẹ̀ nínú owó ọdẹ. Àpò tó bá tà yóò sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sínú ìwé èrè. Àpò tí kò tà yóò jókòó sí sítọ́ọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí.

Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọyẹ́ ń fẹ́, oòrùn ń ràn, iṣu ń gbẹ. Ẹ ṣe 5,000 àpò, ẹ ta 3,500. Sítọ́ọ̀ yín ṣófo nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, nítorí náà 1,500 ló ṣẹ́kù nílẹ̀. ₦4,000,000 tí a pín sí 5,000 jẹ́ ₦800 lórí àpò kan, ìyẹn ni pé àpò kan di ₦8,300 lójú akáúńtáǹtì. Àwọn 1,500 tó ṣẹ́kù ru 1,500 × ₦800, tí í ṣe ₦1,200,000. Nínú mílíọ̀nù mẹ́rin tí ẹ ná ní tòótọ́, ₦2,800,000 péré ló kan ìwé èrè rẹ̀ ní àsìkò yẹn. Ọmọ yín yọ gbogbo mílíọ̀nù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yọ ₦1,500,000 kúrò nínú ₦2,700,000, kí ẹ wo ohun tó kù: ₦1,200,000. Owó tó wà lórí àwọn àpò inú sítọ́ọ̀ yín nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀, kò dín.

Òjò wá dé. Ní oṣù kẹrin sí ìkẹfà, iṣu kò gbẹ dáadáa mọ́, ẹ ṣe 2,500 péré. Ẹ ta 3,700. Bẹ́ẹ̀ ni ọjà inú sítọ́ọ̀ ṣe fi 1,200 dínkù, tí 300 sì ṣẹ́kù. Owó ilé iṣẹ́ kò mọ̀ pé òjò ń rọ̀, ₦4,000,000 náà ló ṣì jẹ́. Pín in sí 2,500, ó di ₦1,600 lórí àpò kan, ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Akáúńtáǹtì yín ka ọjà sí pé èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló kọ́kọ́ jáde, nítorí náà gbogbo 1,500 ti ìgbà ọyẹ́ ti lọ, wọ́n sì ti sọ ₦1,200,000 tí wọ́n rù kalẹ̀ sínú ìwé èrè oṣù mẹ́ta kejì. Àwọn 300 tó wà nílẹ̀ jẹ́ tuntun, wọ́n ru 300 × ₦1,600, ìyẹn ₦480,000.

Níbí yìí ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà. Oṣù mẹ́ta kejì ru gbogbo owó ilé iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ₦480,000, ó tún ru ₦1,200,000 tí ìgbà ọyẹ́ sún síwájú fún un. ₦4,720,000 ló wọ ìwé èrè, nígbà tí ₦2,800,000 péré wọ ti àkọ́kọ́. Igba àpò tí ẹ fi tà jù kò lè borí ìyẹn, nítorí ₦2,000 péré ni àpò kan ń mú wá lẹ́yìn ₦7,500 àti ₦500, àròpọ̀ ₦400,000. Ẹ wo ọ̀nà ọmọ yín: èrè rẹ̀ fi ₦400,000 gòkè gẹ́lẹ́, láti ₦1,500,000 sí ₦1,900,000. Ní ọ̀nà tirẹ̀, ọjà títà nìkan ló ń gbé èrè lọ sókè tàbí sílẹ̀, bí iye owó kò bá yí. Ní ti akáúńtáǹtì, nǹkan méjì ló ń gbé e: ohun tí ẹ tà, àti ohun tí ẹ ṣe.

Ìbéèrè yín kì í ṣe ti òní. Ní 1936, akáúńtáǹtì kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Jónátánì Hárísì kọ̀wé nípa ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ tà dáadáa tí èrè rẹ̀ sì wálẹ̀, tó ń béèrè bí ìyẹn ṣe ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn yìí ti ń lọ láàárín àwa oníṣirò, kò sì tíì parí.

Bí a ṣe ń bá èrè méjèèjì làjà rèé, mo kọ ọ́ kí akáúńtáǹtì yín lè máa fi sísàlẹ̀ ìwé rẹ̀:

| | Oṣù 1–3 (₦) | Oṣù 4–6 (₦) |
|---|---|---|
| Èrè ní ọ̀nà fáríébù | 1,500,000 | 1,900,000 |
| Fi kún un: owó ilé iṣẹ́ tó wà lórí ọjà tó ṣẹ́kù | 1,200,000 | 480,000 |
| Yọ kúrò: owó ilé iṣẹ́ tó wà lórí ọjà tí a bá nílẹ̀ | 0 | 1,200,000 |
| Èrè ní ọ̀nà àbúsọ́póṣọ̀n | 2,700,000 | 1,180,000 |

Ẹ tún ro oṣù mẹ́fà náà pọ̀. Fáríébù jẹ́ ₦3,400,000, àbúsọ́póṣọ̀n jẹ́ ₦3,880,000. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ₦480,000, ẹ sì mọ ibi tó wà: ó wà lórí àpò 300 tó wà ní sítọ́ọ̀ báyìí. Ọjọ́ tí àpò tó kẹ́yìn bá jáde tí sítọ́ọ̀ ṣófo bíi ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, èrè méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò dọ́gba. Kò sí owó tó sọnù lọ́nà kankan, kò sì sí èyí tó dá owó tuntun sílẹ̀. Wọ́n kàn ń sún un láti àsìkò kan sí òmíràn ni.

Ẹ wo ibi tí ọmọ yín ti ṣàṣìṣe díẹ̀, kò tilẹ̀ sí nínú èrè tó kọ. Ó wà nínú ohun tó fi pẹ́ńsù kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ó fẹ́ fi ìlànà tí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì ṣàyẹ̀wò: ọjà fi 1,200 dínkù, ìsọdipúpọ̀ ₦1,600, ìyàtọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦1,920,000. Ó rí i pé kò bá ₦720,000 mu, ó fa ìlà sí i, ó kọ àmì ìbéèrè ńlá kan. Ká ní ₦800 ló lò, ì bá rí ₦960,000, ìyẹn náà kò bá a mu. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i, nítorí èmi náà ti fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdánwò.

Ìlànà kíláàsì yẹn pé, ṣùgbọ́n kìkì nígbà tí ìpín orí àpò kò bá yí láti àsìkò kan sí èkejì. Nínú ìwé ìdánwò, kì í sábà yí. Ní Mọ́níyà, òjò ló ń pinnu rẹ̀. Bí ìpín bá yí, a ò lè fi iye àpò tó dínkù nìkan ṣe é mọ́. A ó ka ẹrù orí ọjà tó ṣẹ́kù pẹ̀lú ìpín tirẹ̀, ká ka ẹrù orí ọjà tí a bá nílẹ̀ pẹ̀lú ìpín tirẹ̀, ká tó yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. ₦1,200,000 yọ ₦480,000, ìyẹn ₦720,000 tí àbúsọ́póṣọ̀n fi kéré sí fáríébù. Èyí tilẹ̀ lè mú ohun tó dà bí idán jáde. Ká ní 1,500 ló wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, tí 1,500 náà sì wà níparí, àmọ́ tí ìpín ti kúrò ní ₦800 dé ₦1,600, èrè méjèèjì yóò fi ₦1,200,000 yàtọ̀ síra, láìjẹ́ pé àpò kan ṣoṣo pọ̀ tàbí dín. Ẹni tó ti kọ́ pé “bí ọjà kò bá yí, èrè á dọ́gba” yóò máa wá àṣìṣe tí kò sí títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bí ẹ ṣe ka bí ọjà ṣe ń jáde tún ṣe pàtàkì. Ká ní akáúńtáǹtì yín kò tẹ̀lé tó-kọ́-wọlé-ló-kọ́-jáde, tó da ti àtijọ́ àti ti tuntun pọ̀ kó tó pín wọn, ₦1,200,000 àti ₦4,000,000 lórí 4,000 àpò ì bá jẹ́ ₦1,300 lórí ọ̀kan. Ẹrù àpò 300 ì bá jẹ́ ₦390,000. Òfin gba méjèèjì láàyè, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó máa fò láti ọ̀kan sí èkejì, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìlàjà yín kò ní bá ara wọn mu láéláé.

Ohun tó ń mú kí ìlàjà kọ̀ láti parí, nínú èyí tí mo ti rí, kì í sábà jẹ́ ìṣirò tó le. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹnì kan ti gbé owó ọkọ̀ dé Bódìjà wọ inú iye àpò tó wà ní sítọ́ọ̀. Àpò tí kò tíì wọ ọkọ̀ ru owó ọkọ̀! Bí ìyàtọ̀ tí ẹ ò lè ṣàlàyé bá jẹ́ iye tí ₦500 lè pín láìṣẹ́kù, tí èsì ìpín náà sì sún mọ́ iye àpò tó wà nílẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìkejì ni ẹni tí owó rẹ̀ wà láàárín ọ̀nà. Ẹni tó ń lọ iṣu fún yín, ṣé orí àpò lẹ ń san fún un tàbí owó oṣù? Akáúńtáǹtì lè kà á sí ìnáwó tó dúró, kí ọmọ yín kà á sí èyí tó ń bá iṣẹ́ rìn, kí àwọn méjèèjì wá máa bára wọn jà lórí ìlàjà tí kò lè pé. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí àkójọ ìnáwó kan ṣoṣo.

Ìkẹta ni kòkòrò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe èlùbọ́ mọ̀ ju èmi lọ. Ká ní ẹ lọ ka sítọ́ọ̀, ẹ rí i pé 60 nínú 300 àpò náà ti di ilé kòkòrò, tí ẹ sì dà á nù. Àbúsọ́póṣọ̀n yóò pàdánù 60 × ₦9,100, ìyẹn ₦546,000; fáríébù yóò pàdánù 60 × ₦7,500, ìyẹn ₦450,000. Ìyàtọ̀ ₦96,000 tó wà láàárín wọn ni ẹrù 60 àpò yẹn. Ẹ ò nílò ìlà tuntun nínú ìlàjà. Ẹ kàn ka 240 dípò 300: 240 × ₦1,600 jẹ́ ₦384,000, ó sì parí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lo iye tó wà nínú ìwé sítọ́ọ̀ láì wọlé lọ kà á lójú, ₦96,000 yóò máa fò káàkiri, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ti wá. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n kọ́kọ́ wọ bàtà, kí wọ́n lọ ka àpò, kí wọ́n tó ṣí kọ̀ǹpútà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá akáúńtáǹtì yín sọ, nítorí ibẹ̀ ni n kò ti fara mọ́ ohun tó ṣe. ₦1,600 tó gbé ru àpò ìgbà òjò yẹn ga jù. Ìlànà àgbáyé lórí ọjà inú sítọ́ọ̀, tí wọ́n ń pè ní IAS 2, ní ká pín owó ilé iṣẹ́ tó dúró lórí iye tí ilé iṣẹ́ máa ń ṣe lápapọ̀ ní ìgbà àti àkókò tó wọ́pọ̀. Bí iṣẹ́ bá lọ sílẹ̀, kò yẹ kí àpò kọ̀ọ̀kan tìtorí ìyẹn wúwo sí i. Owó tí kò rí àpò rù ú, a ó yọ ọ́ kúrò nínú èrè àsìkò náà tààrà. Ká ní 4,000 àpò ní oṣù mẹ́ta ni ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún yín bí ẹ bá wo ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìpín á jẹ́ ₦1,000. Àpò 2,500 á ru ₦2,500,000, ₦1,500,000 tó kù á bọ́ sínú ìwé èrè lójú ẹsẹ̀. Ẹrù àpò 300 á jẹ́ ₦300,000, èrè àbúsọ́póṣọ̀n ti oṣù mẹ́ta kejì á sì jẹ́ ₦1,000,000. Ní ti ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ ju ìwọ̀n lọ bíi ti ọyẹ́, ìlànà náà kò jẹ́ ká fi ₦1,000 ru 5,000 àpò, nítorí àpapọ̀ rẹ̀ yóò ju owó tí ẹ ná ní tòótọ́ lọ. ₦800 tí ó lò níbẹ̀ tọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ₦1,500,000 yẹn dẹ́rù bà yín nígbà ìlàjà. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń fẹ́ fi kún un tàbí yọ ọ́ kúrò. Kò yẹ. Ó ti wọ ìwé èrè ní ọ̀nà méjèèjì ní àsìkò kan náà, nítorí náà kò sí ìyàtọ̀ tó lè dá sílẹ̀. Owó tó lè ya èrè méjèèjì sọ́tọ̀ ni èyí tó ṣì wà lórí ọjà: ₦1,200,000 yọ ₦300,000, ìyẹn ₦900,000, àti ₦1,900,000 yọ ₦900,000 jẹ́ ₦1,000,000. Ó pé.

Ewu tó wà nínú ọ̀nà akáúńtáǹtì yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti inú ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí mo ṣì ń gba owó oṣù, mo ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní àgbègbè Olúyọ̀lé, níbi tí ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀rọ ń gba àjẹmọ́nú lórí èrè ìparí ọdún. Ní oṣù kọkànlá, ọjà kò tà. Dípò kó dín iṣẹ́ kù, ó ní kí ẹ̀rọ máa lọ tọ̀sán-tòru. Sítọ́ọ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà, a gba ilé kejì nítòsí. Èrè ọdún náà dára lórí ìwé, ó gba àjẹmọ́nú rẹ̀, ó sì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì. Àwa tó kù ni ẹrù orí gbogbo ọjà náà wó lé lórí ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Kò purọ́ kankan. Gbogbo owó tó kọ ni a ná. Ó kàn fi ọjà tí kò tà ru owó ilé iṣẹ́ kọjá ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Ọ̀pẹ.

Nítorí náà, bí alábòójútó yín bá ní àjẹmọ́nú lórí èrè, ẹ gbé e lé èrè ọ̀nà ọmọ yín, tàbí kí ẹ gbé e lé àpò tó tà. Bí báńkì bá béèrè ìwé, ti akáúńtáǹtì ni ẹ ó fún wọn, nítorí IAS 2 kò gba kí ìwé tó ń lọ síta fi ₦7,500 nìkan ka àpò. Owó ilé iṣẹ́ tó dúró gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ fi sọ́kàn pé ₦2,700,000 ti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í ṣe owó tó wà ní akáúńtì yín. ₦12,450,000 ló wà nínú àpò 1,500 tó wà nílẹ̀ nígbà yẹn lójú akáúńtáǹtì, owó iṣu tí ẹ ti san, owó ọdẹ tí ẹ ti san. Bí ẹ bá fi èrè yẹn yá owó láti ra ẹ̀rọ kejì, gbèsè á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó rẹ̀ kí àpò tó tà.

Ìpinnu bíi ti oníbàárà ńlá tó fẹ́ gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìwé ọmọ yín ni kí ẹ ṣí. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ kan fẹ́ 200 àpò ní ₦8,700, tí wọn á fi ọkọ̀ ara wọn wá kó o ní Mọ́níyà, tí ilé iṣẹ́ yín sì ní àyè láti ṣe é. Akáúńtáǹtì á ní ₦9,100 ni àpò kan, ẹ ó pàdánù ₦400 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irọ́ ni, bí 200 yẹn kò bá ní lé oníbàárà Bódìjà kankan lọ. Owó ilé kò ní ga sí i nítorí wọn. ₦8,700 yọ ₦7,500 jẹ́ ₦1,200 lórí àpò kan, ₦240,000 lápapọ̀ tí ẹ kì bá tí rí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ₦8,700 ta gbogbo ọjà ọdún, nítorí ₦4,000,000 yẹn ń bẹ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ san án.

Ẹ pe àwọn méjèèjì jókòó sídìí tábìlì kan ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí wọ́n jọ kọ àkójọ ìnáwó, kí wọ́n fẹnu kò lórí ìwọ̀n iṣẹ́ tó wọ́pọ̀, kí wọ́n sì fi ìlà mẹ́rin tí mo kọ sókè yẹn sísàlẹ̀ ìwé ní gbogbo oṣù mẹ́ta. Ní oṣù keje sí ìkẹsàn-án, owó tó wà lórí 300 àpò yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ sí ìlà kẹta, ₦300,000 bí akáúńtáǹtì bá gba àtúnṣe mi, ₦480,000 bí kò bá gbà, kí wọ́n sì fún ọmọ yín ní kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ kó lọ kà á fúnra rẹ̀.